Omi Bátìrì Nínú Rédíò

Ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ń gbé lọ bá oníṣẹ́ pé ó ti kú, inú rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Àyè bátìrì ló bàjẹ́. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ẹ ó rí i: ìyẹ̀fun funfun tó gbá jọ sí ìdí sípíríǹgì, omi tó ti gbẹ mọ́ ike, ìpẹtà pupa lórí páànù, nígbà mìíràn àwọ̀ ewé tó ń yọ lára wáyà. Bátìrì náà á ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ débi pé èèyàn á máa fi ìdí ṣíbí yọ ọ́. Onírédíò á fi bátìrì tuntun mẹ́rin sí i, kò ní sọ̀rọ̀. Tàbí kó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ohùn rẹ̀ sókè, á máa gé, á máa bọ̀, títí yóò fi dákẹ́.

Rédíò alágbèéká tó ń jẹ bátìrì ńlá mẹ́rin ni mo fẹ́ dúró lé lórí, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga nírọ̀lẹ́ láti gbọ́ Amúlùdùn 99.1 ní Ìbàdàn. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ kan sípíkà kékeré tó ń lo bátìrì tẹ́ẹ́rẹ́ náà, nítorí irin kan náà àti omi kan náà ni. Nílé tiwa, bátìrì wà fún ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Bí iná bá dé, wọ́n á ki wáyà bọ ẹ̀yìn rédíò. Nínú ọ̀pọ̀ rédíò, bí ẹnu wáyà yẹn bá ti wọlé, irin pẹlẹbẹ kékeré kan tó wà nínú ihò náà á já bátìrì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀, bátìrì ń sinmi, onílé sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà, ó lè ju ọdún kan lọ. Iṣẹ́ nìkan ni bátìrì fi sílẹ̀ o. Ohun tó ń lọ nínú ara rẹ̀ kò dúró.

Bí wọ́n ṣe kọ́ bátìrì ló fà á tó fi ń jò. Ní 1866, Georges Leclanché, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe bátìrì kan tó jẹ́ pé inú ìgò ni omi rẹ̀ wà, ọ̀pá síńkì sì dúró nínú omi náà. Kò rọrùn láti gbé rìn, nítorí omi inú rẹ̀ lè dà nù nígbàkúgbà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1886, Carl Gassner ní ilẹ̀ Jámánì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tó mú un ṣeé gbé: ó po omi náà mọ́ ohun gbígbẹ títí tó fi ki, ó sì sọ síńkì di agolo tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí à ń rà lọ́wọ́ àwọn aláte lónìí, ìran ti Gassner ni. Agolo síńkì náà kì í ṣe àpò lásán. Òun gan-an ni bátìrì ń jẹ láti fi mú iná jáde. Ìkòkò tó tún jẹ́ igi ìdáná ara rẹ̀ ni: bí ọbẹ̀ ṣe ń hó, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò ń jó tán lọ. Nígbà tí bátìrì bá fi máa rẹ̀ pátápátá, agolo yẹn á ti fẹ́lẹ́, á lu níbì kan, omi inú rẹ̀ á sì rí ọ̀nà jáde. Iyọ̀ síńkì tàbí iyọ̀ amóníà ló wà nínú omi yìí, ó sì jẹ́ ásíìdì díẹ̀.

Bátìrì álíkáláìnì, èyí tó wọ́n jù, kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ni síńkì tirẹ̀ wà ní lẹ́búlẹ́bú. Agolo irin ló wà lóde, nǹkan kan kò sì ń jẹ ẹ́. Àmọ́ bó bá ti lò tán tí wọ́n fi í sílẹ̀, afẹ́fẹ́ háídírójìn á máa gbá jọ nínú rẹ̀, á máa ti ara agolo, títí ìdè tó wà ní ìdí bátìrì yóò fi já. Abájọ tó fi jẹ́ pé lọ́dọ̀ sípíríǹgì, níbi tí ìdí bátìrì jókòó lé, ni ìyẹ̀fun ti sábà máa ń pọ̀ jù. Omi tó jáde níbí kì í ṣe ásíìdì rárá. Òdìkejì ásíìdì ni: omi pọ́táṣì líle, ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, àfi pé ó le ju ti inú ìkòkò ọṣẹ lọ fíìfíì. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á gbẹ di ìyẹ̀fun funfun.

Ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó mú ohunkóhun lọ́wọ́, nítorí ohun tó ń pa ọ̀kan kì í ran èkejì. Ara bátìrì ni àmì wà. Bí ẹ bá rí R20 lára bátìrì ńlá, oní-agolo-síńkì ni. Bó bá jẹ́ LR20, lẹ́tà L tó ṣáájú yẹn ló ń sọ pé álíkáláìnì ni. Fún bátìrì kékeré tó ṣe bí ìka ọwọ́, R6 àti LR6 ni ẹ ó rí. Fún èyí tó tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, R03 àti LR03. Bí omi bá ti jẹ ìwé ara rẹ̀ tí lẹ́tà kò hàn mọ́, ẹ wo àwọn yòókù tí wọ́n jọ wà nínú rédíò, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà bátìrì kan ṣoṣo ló ń jò nínú mẹ́rin.

Bó ṣe ń jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo náà nídìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò tẹ̀lé ara wọn ni, iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Èyí tó bá kọ́kọ́ rẹ̀, bóyá nítorí pé ògbólógbòó ni tí wọ́n fi kún mẹ́ta tuntun, kò ní ráyè sinmi. Àwọn mẹ́ta tó lágbára á máa fipá ti iná gba inú rẹ̀, títí orí rẹ̀ yóò fi di ìdí, tí ìdí rẹ̀ yóò di orí. Agolo rẹ̀ á máa jẹ, afẹ́fẹ́ á máa gbá jọ, á sì jò. Ẹni tó ra méjì dípò mẹ́rin kó lè ṣọ́ owó ná, rédíò ni yóò fi san án. Bátìrì tí a sá sóòrùn náà ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: bátìrì tó rẹ̀, a ó tò ó sórí páànù tàbí sójú fèrèsé, nígbà tí oòrùn bá fi máa wọ̀, á tún lè sọ̀rọ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni pé ooru máa ń jí i. Ṣùgbọ́n agolo tó ti fẹ́lẹ́ kì í nípọn padà nínú oòrùn, omi tó gbóná nínú rẹ̀ sì ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Bó bá pọn dandan kí ẹ lo irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ẹ fi sínú tọ́ọ̀ṣì tí kò níyelórí, ẹ má fi sínú rédíò Bàbá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ọ̀kan sórí tábìlì. Bátìrì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, R20 ni gbogbo wọn, èyí tó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ló jò. Sípíríǹgì rẹ̀ ti funfun dé ìdajì, páànù kékeré tó so ó mọ́ bátìrì kejì sì ti ń pọ́n. Àwọn mẹ́ta yòókù mọ́. Wáyà iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò lára rédíò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tàbí kí ẹ fi ọ̀rá mímọ́ we ọwọ́, ẹ fi awò sójú, kí ẹ sì jókòó síta níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ìyẹ̀fun náà o. Bí tàwọn álíkáláìnì bá fò sójú, ó lè ṣe ojú náà léṣe gidi. Omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i láìdúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ọsàn tí mo máa tó dárúkọ, ti irin ni, kì í ṣe ti ojú.

Bí bátìrì bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ má fi ọ̀bẹ gún un. Ẹ fi òwú tó tutù kan yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ mú sùúrù fún un díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ gbé e láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti jáde, ó di inú ọ̀rá, ẹ so ó lẹ́nu.

Iṣẹ́ gbígbẹ ló ṣáájú iṣẹ́ omi. Ẹ da ojú àyè bátìrì náà délẹ̀, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọn ìyẹ̀fun kúrò láti ìsàlẹ̀, kó lè máa já sórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ló ń dojú rẹ̀ sókè tí wọ́n ń gbọn ọ́n, ìyẹ̀fun náà á sì gba ihò tí wáyà gbà wọlé lọ sórí bọ́ọ̀dù rédíò, níbi tí yóò ti máa fa ọ̀rinrin mọ́ra ní gbogbo ìgbà òjò. Bí ẹ bá ṣe rí i gbọ̀n kúrò ní gbígbẹ tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ẹ ó nílò yóò ṣe kéré tó, omi sì ni ọ̀tá kejì nínú iṣẹ́ yìí.

Ó wá kan ohun tí yóò pa oró rẹ̀. Nítorí R20 ni, ásíìdì la ń bá jà, sódà tí àwọn oníkéèkì ń lò ni oògùn rẹ̀. Ẹ po ṣíbí kékeré kan mọ́ omi ṣíbí mẹ́ta. Ẹ ki òwú orí igi, irú èyí tí a fi ń nu etí, bọ inú rẹ̀, ẹ fún un kó má kán, kí ẹ wá máa fi nu sípíríǹgì àti páànù náà. Bó bá ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ásíìdì ló ń kú yẹn. Ẹ pààrọ̀ òwú, kí ẹ tún nù ún títí kò fi ní hó mọ́. Níbi tí kò bá ti sí sódà, káún lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n: ẹ gún un, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ jẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ silẹ̀, omi tó mọ́ lókè nìkan ni kí ẹ lò.

Ká ní LR20 ló jò ni, sódà kò ní ṣe nǹkan kan fún un. Omi eérú la ó máa fi fọ omi eérú. Fíníga tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a sẹ́ èso rẹ̀ kúrò ló ń pa ti álíkáláìnì. Òun náà á hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe máa fi òwú nù ún ní díẹ̀díẹ̀.

Bí kò bá sí àmì kankan mọ́ lára bátìrì tí ẹ kò fi mọ èyí tó jẹ́, omi sóbò lè sọ fún yín. Ẹ rẹ ewé sóbò sínú omi láìfi ṣúgà sí i, kí àwọ̀ rẹ̀ má pọ̀ jù. Ẹ bù díẹ̀ sínú ṣíbí ike, kí ẹ fi ìyẹ̀fun tí ẹ gbọ̀n sórí ìwé díẹ̀ sí i. Bó bá yí padà kúrò ní pupa sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé, álíkáláìnì ni. Bó bá dúró ní pupa, agolo síńkì ni. Ẹ da omi ṣíbí náà nù, kí ẹnikẹ́ni má mu ún, ẹ má sì kán an sínú rédíò. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju fífi ojú wò lọ, torí pé funfun ni ìyẹ̀fun méjèèjì máa ń jẹ́ nígbà mìíràn.

Sódà tàbí ọsàn tí a lò kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Ọsàn tó gbẹ sórí irin yóò bẹ̀rẹ̀ ìpẹtà tirẹ̀, sódà tó gbẹ á fi èérún sílẹ̀ tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sómi mímọ́ tí ẹ sì fún gbẹ nù ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi spírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì nù ún kẹ́yìn, nítorí spírítì máa ń gbé omi tó kù lọ bó ṣe ń gbẹ. Kò sígbà kankan tí ẹ ó da omi sínú rédíò. Pẹtiróòlù ń yọ ike, kẹrosíìnì ń fi òróró sílẹ̀, háípò tí a fi ń fọ aṣọ sì ń jẹ irin. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti gbọ́ pé àwọn èèyàn lò. Ẹ ṣí i sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí ẹ má sì sún mọ́ iná nígbà tí spírítì wà nítòsí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń parí iṣẹ́ nìyẹn. Àyè bátìrì ti mọ́, kò sí funfun mọ́, wọ́n fi bátìrì tuntun sí i, rédíò ṣì ń gé. Ìdí ni pé mímọ́ yàtọ̀ sí kí irin fara kan irin. Sípíríǹgì inú rédíò, irin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n wá fi níkẹ́ẹ̀lì bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó má baà dípẹtà. Omi bátìrì á jẹ níkẹ́ẹ̀lì yẹn lọ, irin abẹ́ rẹ̀ á dúdú tàbí kó pọ́n, ìpẹtà sì jẹ́ ohun tí iná fi ipá gbà kọjá.

Mítà tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ló lè fi èyí hàn wá kedere. Rédíò orí tábìlì wa ti ní bátìrì tuntun mẹ́rin báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fóòtì 1.5 àti díẹ̀ lé, àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6.2. A yí mítà sí ipò fóòtì ti bátìrì, a fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí wáyà bátìrì ti wọ bọ́ọ̀dù, rédíò ṣì wà ní pípa: 6.2 ló sọ. Ẹni tó bá dúró níbí á ní bátìrì dára, páànù dára, bọ́ọ̀dù ló kú. Ẹ tan rédíò, ẹ yí ohùn rẹ̀ sókè: 4.3 ni mítà ń sọ báyìí, rédíò sì ń gé. Níbo ni ìyókù lọ? A gbé ẹnu mítà kan sí ìdí bátìrì igun yẹn fúnra rẹ̀, a gbé èkejì sí ibi tí wọ́n jó wáyà mọ́ sípíríǹgì. Láàárín ibi méjèèjì yìí, irin lásán ló yẹ kó wà, mítà kò sì yẹ kó sọ ju òdo àti díẹ̀ lọ. Ó sọ 1.6. Sípíríǹgì yẹn nìkan ló gbé fóòtì 1.6 mì, ìyókù tó kù díẹ̀, bátìrì ló rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìyẹn ló sì jẹ́ kí rédíò lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ kó má lè kígbe. Bí rédíò yìí bá ń fa iná ámpù 0.4 nígbà tí ohùn rẹ̀ wà lókè, tó sì pàdánù fóòtì 1.6, ìdènà óòmù 4 ló jókòó sójú sípíríǹgì. Nígbà tí ohùn bá wà nílẹ̀, ó lè má fà ju ámpù 0.05 lọ, óòmù 4 yẹn kò lè jẹ ju fóòtì 0.2 lọ lára rẹ̀, rédíò kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan dín kù. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí a bá ṣe sára rédíò tó wà ní pípa kò ní fi irú àìsàn yìí hàn láé. Ẹni tí kò ní mítà lè fi etí ṣe é: ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ máa fi ìka tẹ bátìrì kọ̀ọ̀kan mọ́ sípíríǹgì rẹ̀. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ tí ohùn dìde ni arúfin.

Ohun tí a ó ṣe ni pé ká mú irin tó mọ́ jáde níbi tí bátìrì ti ń fara kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣókùnkùn lásán ni, rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ tó o. Bó bá ti dípẹtà, ẹ gé sánpépà kékeré, èyí tí wọ́n kọ 400 sí lẹ́yìn, ẹ we é mọ́ igi ìṣáná, kí ẹ máa fi fà á títí yóò fi dán. Orí sípíríǹgì tó kan bátìrì nìkan ni kí ẹ họ, nítorí gbogbo ibi tí sánpépà bá dé ni níkẹ́ẹ̀lì tó kù yóò ti lọ. Kànrìnkàn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò kò dára fún un: èérún irin rẹ̀ á já sínú rédíò, yóò sì lọ pa ibi méjì pọ̀ níbi tí kò yẹ. Bí páànù bá ṣeé fà yọ kúrò nínú ihò rẹ̀, ẹ fi píláyà fà á yọ kí ẹ tọ́jú rẹ̀ níta. Páànù tó wà níta yìí nìkan la lè rẹ sínú fíníga, kó má sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí fíníga tó jẹ ìpẹtà tán kò ní dá irin sí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ipá. Sípíríǹgì tó ti rọ̀ lè dán bí ó ti wù kó dán, kò ní ti bátìrì mọ́lẹ̀. Ẹ fà á gùn díẹ̀, kó jẹ́ pé ó máa gba agbára díẹ̀ kí bátìrì tó wọlé. Bó bá já, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ mú ti inú tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, kí oníṣẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ibẹ̀. Bébà fàdákà inú páálí sìgá tí àwọn èèyàn máa ń ká sí ibẹ̀ ńkọ́? Á ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ tí kò sí iná. Àmọ́ apá kan rẹ̀ lè jẹ́ ìwé tí iná kò lè gbà, apá tó ń dán sì ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà tirẹ̀ tí ojú kò rí, tó bá sì yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lè pa orí àti ìdí bátìrì pọ̀, kí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ yọ ọ́.

Nínú rédíò tiwa, lẹ́yìn tí sípíríǹgì ti dán tí a sì fà á gùn, mítà sọ 0.03 níbi tó ti ń sọ 1.6. Ká ní kò wálẹ̀ ni, wáyà ni à bá yẹ̀ wò. Omi bátìrì máa ń yọ́ wọ abẹ́ rọ́bà wáyà, á máa fà lọ láàárín àwọn okùn kọ́pà rẹ̀. Lóde, rọ́bà pupa tàbí dúdú náà mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá bó o, kọ́pà inú rẹ̀ ti dúdú tàbí ó ti di àwọ̀ ewé, lẹ́ẹ̀dì kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn. Kí oníṣẹ́ máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá kọ́pà tó pọ́n tó ń dán. Bí kò bá bá a, kó pààrọ̀ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; owó kékeré ni wáyà. Kí ó tó já ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya àwòrán ibi tí wáyà pupa àti dúdú wà. Bátìrì tí wọ́n bá so ní òdì lè pa bọ́ọ̀dù tó ti ń bẹ láàyè látẹ̀yìn wá.

Irin tí níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti lọ yóò tún dípẹtà, pàápàá nígbà òjò. Ẹ fi fáásìlíìnì pa á fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ nù ún kúrò. Irin méjì tó tẹ ara wọn yóò la inú rẹ̀ kọjá láti fara kanra, yóò sì máa dí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin níbi tó kù. Bó bá nípọn, eruku ni yóò máa kó jọ. Irú rédíò bẹ́ẹ̀, kó lo bátìrì mẹ́rin tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà tí a rà lọ́jọ́ kan náà, kí bátìrì sì máa jáde nígbà tó bá máa lò ju oṣù kan lórí wáyà iná. Ẹ lè kó wọn sínú ọ̀rá kí ẹ so ó mọ́ ọwọ́ rédíò. Bí iná bá lọ lóru, ọwọ́ á tètè tó wọn.

Bí omi bá ti dé bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹ ó rí àwọ̀ ewé lẹ́sẹ̀ àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n jó mọ́ ọn, tàbí kí ohùn máa ha bí ẹ bá ti ń yí bọ́tìnì rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣì lè fi spírítì àti búrọ́ọ̀ṣì gbà á là bí kò bá tíì pẹ́. Bí àwọn ojú ọ̀nà kọ́pà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára bọ́ọ̀dù bá ti já, ẹ béèrè iye tí yóò gbà kí ẹ tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo èyí kò kan sípíkà bulutúùtù tó ń gba iná sára. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ló sábà wà nínú rẹ̀, àìsàn tirẹ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun funfun: wíwú ni. Bí ara sípíkà bá ń ṣí lójú ìdè rẹ̀, tàbí tí ẹ bá rí i pé bátìrì inú rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí, ẹ má ha á, ẹ má fi omi, sódà tàbí ọsàn kàn án, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Ẹ gbé e síta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó lè jó, kí ẹ sì pe ẹni tó ń pààrọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀.

Ní ti èyí tó jò nínú rédíò, inú ọ̀rá tí ẹ so lẹ́nu ni kó wà títí àwọn kólẹ̀kódọ̀tí yóò fi dé, pẹ̀lú òwú àti ìwé ìròyìn tí ẹ lò. Kó má wọ inú iná ààtàn, torí ó lè bẹ́. Kí àwọn ọmọdé má sì fọ́ ọ láti mú dúdú inú rẹ̀ kun pátákó iléèwé, bí ọ̀pọ̀ wa ti ṣe nígbà náà.